Tì, fà, lóṣòó, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbé: Bí èèyàn ṣe lè yẹ ètò eré ìdárayá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wò

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tó wà létí ọ̀sà, láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ títí wọ àárín ìlú Ìkòròdú, irin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe eré ìdárayá kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n rà nílé ìtajà. Páìpù irin kan ni, tí wọ́n ti orí rẹ̀ méjèèjì bọ inú agolo ọ̀dà, tí wọ́n da àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì sí i, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó gan. Bí irin náà ti jẹ́ àfọwọ́ṣe, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Inú ìwé ìkọ̀wé ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí: díẹ̀ láti ẹnu ọ̀rẹ́, díẹ̀ láti inú fídíò, èyí tó kù láti inú ohun tó wu ẹni tó ń kọ ọ́. Kò sí àléébù nínú kí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ ètò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ètò tó kún ojú ìwé lè máà kan ìdajì ara ẹni tó ń tẹ̀ lé e, onítọ̀hún kò sì ní í mọ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń yẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ wò tí kò gbà ju bébà kan àti bírò lọ. Dan John, olùkọ́ni eré ìdárayá ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri. Dípò kí wọ́n máa ka orúkọ eré kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n máa ka iṣan ara lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ara ń ṣe ni wọ́n ń kà. Ara ń ti nǹkan, ó ń fa nǹkan, ó ń lóṣòó, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé ẹrù rìn. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí kò bá sí nínú ètò ọ̀sẹ̀ kan, ihò wà nínú ètò náà. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún márààrún tipẹ́, kò sì sí ẹni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ wọn fún òun. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, tó sì fọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó dìde, ti ṣe ọ̀kan nínú wọn kó tó jáde nílé.

Títì ni gbogbo ohun tí apá ń tì kúrò lára, yálà ilẹ̀ ni wọ́n ń tì bíi ti prẹ́sọ́ọ̀pù, tàbí irin tí wọ́n ń tì sókè láti orí àyà tàbí láti èjìká. Àyà, èjìká àti ẹ̀yìn apá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fífà ni òdìkejì rẹ̀: kí èèyàn fa nǹkan sún mọ́ ara, tàbí kó fa ara rẹ̀ sún mọ́ nǹkan, bí ẹni tó ń fa àwọ̀n ẹja wọnú ọkọ̀. Iṣan ẹ̀yìn, láti abẹ́ apá títí dé àárín èjìká méjèèjì, ló ni iṣẹ́ yìí, ọwọ́ tó di nǹkan mú sì ń bá a ṣe é.

Lílóṣòó àti bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pò mọ́ra, nítorí méjèèjì ló ń mú ara wálẹ̀. Orúnkún ni ká fi dá wọn mọ̀. Ẹni tó lóṣòó ti orúnkún fi tẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, àyà rẹ̀ ṣì dúró sókè, ìdí rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Iwájú itan ló ń gbé e dìde. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò tẹ orúnkún ju díẹ̀ lọ. Ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́ po bí ìlẹ̀kùn tó ń yí lórí ìdè rẹ̀, ìdí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, àyà rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀. Ẹ̀yìn itan, ìdí àti iṣan tó gbé ọ̀pá ẹ̀yìn ró ló ń fà á padà sókè. Obìnrin tó lóṣòó ti àdògán tó ń dáná àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń gbálẹ̀ kò lo ara kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àgbàlá kan náà ni wọ́n wà. Ẹni tí ètò rẹ̀ ní ọ̀kan láìní èkejì kò lè sọ pé òun ti ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ tán.

Gbígbé ni èyí tó kẹ́yìn, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù, nítorí kò jọ eré ìdárayá lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí èèyàn mú ẹrù dání kó sì máa rìn ni. Ìka ọwọ́, èjìká, ikùn àti ìbàdí ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ara má baà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ètò kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, irú èyí tí ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 26 kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ lè kọ fún ara rẹ̀. Orí àga ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí sì nìyẹn tó fi fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá. Ní ọjọ́ Ajé, ó kọ prẹ́sọ́ọ̀pù sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, yóò ti irin onísìmẹ́ǹtì sókè ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, yóò sì fi sítọ́ọ̀pù sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kádìí rẹ̀. Ní ọjọ́rú, yóò máa ká irin wá sí àyà láti ìgúnpá kí apá rẹ̀ lè yọ, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Yóò ti irin sókè lórí ìdúró, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Yóò sì lóṣòó láìgbé nǹkan kan, sẹ́ẹ̀tì méjì, ogún ìgbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ẹtì kò yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Gbogbo sẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 31. Lójú ẹni tó bá kàn wo ìwé náà, ètò yìí kò kéré rárá.

Kí wọ́n wá fa ìlà márùn-ún sórí bébà, kí wọ́n kọ orúkọ ìṣe ara márààrún sí i, kí wọ́n sì máa fi sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ibi tó tọ́ sí. Títì yóò gba mẹ́jọ ní ọjọ́ Ajé, mẹ́ta ní ọjọ́rú, mẹ́jọ ní ọjọ́ Ẹtì, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 19. Lílóṣòó gba méjì péré. Fífà kò ní nǹkan kan, bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní, gbígbé náà kò ní. Mẹ́wàá tó kù, ìyẹn sítọ́ọ̀pù mẹ́fà àti kíká irin mẹ́rin, kò rí ìlà wọ̀.

Orí kíká irin yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń wáyé. Ẹni tó kọ ètò yóò sọ pé ṣebí òun ń fa irin wá sí ara òun. Òtítọ́ ni pé ìgúnpá nìkan ló ń tẹ̀ níbẹ̀; èjìká dúró sójú kan, iṣan ẹ̀yìn kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Kí a tó lè kà á mọ́ fífà, ìgúnpá gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn kọjá ìhà, kí egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká sì sún mọ́ àárín. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ dájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ òdìkejì kan abẹ́ apá rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é. Bí ibẹ̀ kò bá le, fífà kọ́ nìyẹn.

Ohun tí àwọn kan máa ń sọ ni pé ẹni tó ń tì tí kì í fà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ di ẹni tí èjìká rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rí tó wà fún ìyẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ẹ̀ máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tó dájú kò le rárá: iṣan tí kò bá rí iṣẹ́ kì í lágbára. Ọ̀dọ́kùnrin wa yìí lè lo ọdún kan gbáko lórí ètò rẹ̀, kí àyà rẹ̀ yọ, síbẹ̀ kó má lè fa ara rẹ̀ gun orí ògiri, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ro ó lọ́jọ́ tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì wọlé.

Kí a tó tún ètò náà ṣe, ìbéèrè kan ṣì wà tí kíkà nìkan kò lè dáhùn. Ṣé sẹ́ẹ̀tì tó wà lórí bébà le tó? Lílóṣòó rẹ̀ rí àmì méjì gbà, ṣùgbọ́n bí ẹni ọdún 26 bá lè lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì láìsinmi, kó sì dúró sí ogún, kò sí ìdí kankan tí ara rẹ̀ fi máa yí padà. Ìwọ̀n tó rọrùn láti lò ni pé nígbà tí sẹ́ẹ̀tì bá parí, kí ó ku bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré tí onítọ̀hún ṣì lè ṣe é dáadáa. Bó bá ku mẹ́wàá, eré ọmọdé ni. Bí kò bá ku rárá, tí ara ń gbọ̀n, tí ìdúró sì ti bàjẹ́, ó ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ iye sẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n kọ iye tó ṣẹ́kù sí. Àmì tí kò ní iye yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe àmì.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rí ihò mẹ́ta nínú ètò wọn ni pé wọ́n á kó eré tuntun mẹ́ta lé orí èyí tó wà nílẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì 31 á di 50, ara á rẹ̀ wọ́n, ètò náà á sì dópin ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ṣe ni kí wọ́n mú kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n fi sí ibi tí kò sí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára, tó sì kan gbogbo iṣan ńláńlá ara, lọ́jọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀dọ́kùnrin yìí mú ti tó, ó sì lé. Bó bá ṣe márààrún lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ní sẹ́ẹ̀tì méjì-méjì, mẹ́wàá ni yóò jẹ́ lójúmọ́, ọgbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìṣe ara márààrún yóò ní mẹ́fà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀tì kan tilẹ̀ ti dín. Títì tó bọ́ sílẹ̀ láti 19 sí mẹ́fà lè dùn ún lọ́kàn, ṣùgbọ́n mẹ́fà tó le dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ ṣì ń mú kí ẹni tuntun lágbára.

Irin onísìmẹ́ǹtì kò ní lè ṣe gbogbo èyí, nítorí wàhálà méjì ló wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, orí rẹ̀ kan sì sábà máa ń wúwo ju èkejì lọ. Kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n kó tó di pé wọ́n tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé àárín rẹ̀ lé orí igi tóóró kan wò bóyá yóò dọ́gba. Ohun tó dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wà nílé gbogbo èèyàn: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Omi lítà kan wọn kílò kan, nítorí náà ẹni tó bá mọ iye omi tó dà sínú kẹ́ẹ̀gì ti mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀, ó ku ti kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ tó fi díẹ̀ lé e. Píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn ìdajì kílò. Kò pọn dandan kí wọ́n fi omi mímu ṣòfò. Ike ìdajì lítà ni kí wọ́n fi máa wọn omi kànga.

Ọ̀rọ̀ yanrìn ni ó yẹ kí àwọn ará Ìbẹ̀ṣẹ̀ ṣọ́ra fún, torí pé ó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀, ó sì rọrùn láti rọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Lítà yanrìn gbígbẹ kan wọn bíi kílò kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀, èyí tó tutù sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì tó ń gba kílò 25 omi yóò súnmọ́ kílò 40 bí wọ́n bá fi yanrìn gbígbẹ kún un. Ẹni tó bá rò pé òun kàn pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti fi nǹkan bí kílò 15 kún ẹrù rẹ̀ lójú kan náà.

Ètò náà wá rí báyìí. Fún títì, prẹ́sọ́ọ̀pù ni yóò máa ṣe lọ, ṣùgbọ́n nítorí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti rọrùn fún un, yóò gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí kó lè le sí i. Fún fífà, yóò de páìpù mọ́ òpó méjì níwọ̀n gíga ìbàdí, yóò na ara sábẹ́ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀-àìfẹ̀yìnlélẹ̀, gìgísẹ̀ nìkan ló máa kan ilẹ̀, yóò sì máa fa àyà rẹ̀ lọ bá páìpù náà. Páìpù yìí ni kó kọ́kọ́ fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ wò, kó tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí èyí bá le jù, kó tẹ orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Fún lílóṣòó, yóò gbá kẹ́ẹ̀gì tó ní omi lítà mẹ́wàá mọ́ àyà, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi kan àpótí kékeré kan, kó tó dìde. Fún bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tó ní lítà 15 yóò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró nípa títi ìbàdí síwájú. Fún gbígbé, kẹ́ẹ̀gì méjì, lítà mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, yóò sì rìn ní ogójì ìṣísẹ̀.

Mẹ́jọ sí méjìlá ni iye tó bá ẹni tuntun mu nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe kọ ọ́ sínú ìlànà wọn tọdún 2009. Ìlànà kan náà sọ pé nígbà tí èèyàn bá ti lè ṣe ju iye tó fojú sùn lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó fi ìdá méjì sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ẹrù rẹ̀. Ibí yìí ni ike ìdajì lítà ti wúlò jù. Ẹni tó ń fi kílò mẹ́wàá lóṣòó, tó ti ń dé méjìlá wẹ́rẹ́, yóò da ike méjì kún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Kílò kan nìyẹn, ìdá mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Iye tó lè ṣe yóò bọ́ sí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, yóò sì tún gun òkè láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ti gbígbé yàtọ̀ díẹ̀: kí ìṣísẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i, láti ogójì lọ sí ọgọ́ta, kí omi tó pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí kò kún máa ń mì, omi inú rẹ̀ á máa sáré síwá sẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe àléébù, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí kílò mẹ́wàá wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nínú márààrún, bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ jù, ó sì lè bàjẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni kí orúnkún tẹ̀ jù, kó wá di lílóṣòó mìíràn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fi àmì sí ìlà méjì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èkejì ni kí ẹ̀yìn ká kọ bí ọrun, kí ìbàdí má lọ síbì kankan. Àyẹ̀wò tó wà fún un kò náni ní kọ́bọ̀. Kí onítọ̀hún kẹ̀yìn sí ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì fi ìdí kan ògiri náà láìjẹ́ kí ojúgun kúrò ní ìdúró. Bó bá ti kàn án, kó sún síwájú díẹ̀, kó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn èyí, kó gbé ọ̀pá gbọọrọ kan, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ pàápàá yóò ṣe é, lé ẹ̀yìn rẹ̀ ní òòró, kí ọ̀pá náà kan ìpàkọ́, àárín èjìká àti òkè ìdí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kúrò lára ọ̀pá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká. Kó má tíì gbé kẹ́ẹ̀gì títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dúró.

Ara fúnra rẹ̀ náà máa ń sọ̀rọ̀. Ìrora iṣan tó dé lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tó wà ní ẹ̀yìn itan àti ìdí, fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ náà dé ibi tó yẹ, yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ro ó, ìdúró rẹ̀ ló fẹ́ àtúnṣe. Bí ìrora bá gún un lójijì, tàbí tó ń ṣàn láti ìdí lọ sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń kú, kó dáwọ́ dúró kó lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sé èémí mọ́nú nígbà tó bá ń gbé nǹkan, nítorí èyí máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá ń lọ sókè ni kó máa mí síta.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé bébà kan náà fún ọkùnrin tó ń kó yanrìn létí omi ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ yóò yí padà pátápátá. Láti òwúrọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tó ń gbé yanrìn rù, kò sì lóǹkà. Bí wọ́n bá ní kó tún wá gbé kẹ́ẹ̀gì rìn nírọ̀lẹ́, wọ́n kàn ń fi kún àárẹ̀ rẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ti fi àmì sí ìlà méjì; títì àti fífà ló kù fún un, pẹ̀lú lílóṣòó tó wọlẹ̀ dáadáa, àti àyẹ̀wò ọ̀pá fún bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Apẹja tó ń fa àwọ̀n lójoojúmọ́ ní tirẹ̀ ti ní fífà. Ètò tí kò bá ka iṣẹ́ òòjọ́ mọ́ ìṣirò yóò ṣi gbogbo wọn lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹrù orí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹrù ọwọ́. Ẹrù orí kì í fún ìka lágbára, ọrùn ló sì ń gbé e. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí ìwé ìròyìn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà Nature gbé jáde lọ́dún 1986, fi hàn pé àwọn tó ti mọ́ lára lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára tó ju èyí tí wọ́n ń lò nígbà tí wọn kò ru nǹkan kan. Ìyẹn wúlò gan-an fún ẹni tó ń lọ sọ́jà. Àmọ́ fún ẹni tó ń wá agbára kún agbára, ẹrù tí ara ti mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan tuntun láti kọ́ ọ. Nítorí náà ni ìlà gbígbé fi gbọ́dọ̀ ní ẹrù ọwọ́ nínú, kódà fún ẹni tó ti ń rù láti kékeré.

Àkọsílẹ̀ yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò béèrè nípa ọkàn àti èémí, bẹ́ẹ̀ ìlànà ọdún 2020 yẹn tún fẹ́ kí àgbàlagbà máa rìn kánkán, tàbí kó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sì sọ bóyá títì tàbí fífà náà ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́kùnrin wa ń ti ilẹ̀, ó sì ń fa ara rẹ̀ lọ bá páìpù. Kò ì tíì sí ohun tó ń tì sókè orí, tàbí tó ń fà wálẹ̀ láti òkè. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, èyí kò pọn dandan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kó tún mú bébà jáde, kó ka sẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì kọ lítà omi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ti lílóṣòó bá ti kúrò ní mẹ́wàá tó ti di 14, tí ti bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti kúrò ní 15 tó ti di ogún, ètò náà ń ṣiṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀tì mẹ́fà bá pé lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí omi kò kúrò lójú kan, kó wo iye tó ń ṣẹ́kù lópin sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó sì wo bó ṣe ń sùn àti ohun tó ń jẹ, kó tó ronú àtifi sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kún un.